Kí ẹ tó wó ògiri pálọ̀ láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: Ṣé ògiri ló gbé ilé yín ni àbí òpó?

Ní àdúgbò tí títì rẹ̀ bá ti ń di ọjà, kì í pẹ́ kí yàrá iwájú ilé tó di ṣọ́ọ̀bù. Oníṣọ́ọ̀bù máa ń san ju ẹni tó kàn fẹ́ sùn síbẹ̀ lọ, onílé náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò pe bíríkìlà wá, àwọn méjèèjì yóò dúró síwájú ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá tó tẹ̀ lé e. Bíríkìlà yóò fi ìkúùkù gbá ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹta, yóò tẹ́tí sí i, yóò sì ní: "Bàbá, pàtísọ́ọ̀nù lásán lèyí o, kò gbé nǹkan kan." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ògiri ti di àwókù nínú bárò.

Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, pé ògiri náà kò gbé nǹkan kan, ló yẹ kí onílé dá bíríkìlà dúró lé lórí. Báwo ló ṣe mọ̀? Ìkúùkù kò lè sọ ọ́ fún un. Ohun tí ìkúùkù lè sọ kò ju pé ihò wà nínú bulọ́ọ̀kù lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bulọ́ọ̀kù tó ní ihò náà ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú ilé alájà tí ògiri wọn gbé gbogbo ẹrù tó wà lókè.

Nígbà tí ilé tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì l'Ékòó lọ́dún 2019, àti nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí lọ́dún 2021, ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu àwọn èèyàn ni ti sìmẹ́ńtì tí kò tó, irin tí kò nípọn àti àṣẹ ìjọba tí wọn kò tẹ̀ lé. Ó tọ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé míì wà tí wọ́n kọ́ dáadáa, tó dúró fún ogún ọdún láìṣe nǹkan kan, tó jẹ́ pé ọwọ́ onílé fúnra rẹ̀ ló wá gé e lẹ́sẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ ìròyìn títí tí yóò fi wó.

Ọ̀nà méjì tí ilé ń gbà dúró

Ilé tí ògiri gbé ni àwọn bàbá wa mọ̀ jù. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Ìbàdàn, àti ilé àwọn Àgùdà tó dé láti Bùràsíìlì, tí wọ́n kọ́ sí Èkó àti Pọ́tónófò, ògiri ló gbé gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí ògiri wọn fi nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé. Bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ti rọ́pò amọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò yàtọ̀. Wọ́n á gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ gbọọrọ lábẹ́ gbogbo ògiri, wọ́n á to bulọ́ọ̀kù láti ìsàlẹ̀ dé orí, wọ́n á da líńtẹ̀lì sórí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n á fi ìlà bulọ́ọ̀kù díẹ̀ kún un, wọ́n á wá da dẹ́ẹ̀kì lé ògiri lórí. Ẹrù tó bá wà lórí dẹ́ẹ̀kì náà ń gba inú bulọ́ọ̀kù sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ilẹ̀. Bí ẹ bá yọ ògiri, ẹ ti yọ ẹsẹ̀ ilé nìyẹn.

Ilé tí òpó gbé yàtọ̀. Níbẹ̀, kòtò onígun mẹ́rin ni wọ́n á gbẹ́ fún òpó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á to irin sínú rẹ̀, wọ́n á da kọnkéré, òpó á yọ jáde láti inú rẹ̀. Bíìmù á so òpó mọ́ òpó, dẹ́ẹ̀kì á jókòó lórí bíìmù. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá parí èyí, ilé náà ti dúró láìní ògiri kankan. Afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà á wá fi bulọ́ọ̀kù dí àárín òpó. Ògiri yẹn ń gbé ara rẹ̀, ó ń dí afẹ́fẹ́ àti òjò, ó ń pín yàrá sí méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá kò pe òpó kan ní òpómúléró lásán: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ilé ró, kì í ṣe láti ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni èyí tó kọ́kọ́ wà. Bí ògiri bá ti wà kí dẹ́ẹ̀kì tó dé, ó dájú pé dẹ́ẹ̀kì yóò gbára lé e. Bí dẹ́ẹ̀kì bá ti dúró lórí òpó àti bíìmù kí ògiri tó dé, ògiri náà jẹ́ àlejò. Gbogbo ọgbọ́n tí èèyàn fi ń dá wọn mọ̀ kò ju pé kó wá ẹ̀rí ìgbà tí ògiri dé ilé.

Kí ni ògiri kan ń gbé gan-an?

Àwọn tó ń ní "ògiri kékeré yẹn" kò tíì wọn ohun tó wà lórí rẹ̀ wò. Ká mú ilé alájà kan tí ògiri gbé, yàrá méjì ní ìsàlẹ̀ tó fara kan ara wọn, tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 lóròó àti níbùú, ìyẹn mítà 3.6. Ògiri tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni onílé fẹ́ wó.

Dẹ́ẹ̀kì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 máa ń wọn nǹkan bíi kílò 360 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àti táìsì tó wà lórí rẹ̀ lè fi nǹkan bíi 100 kún un. Àwọn ẹnjiníà máa ń fi nǹkan bíi 150 sílẹ̀ fún èèyàn, ibùsùn, àga àti fíríìjì. Àròpọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 600, ká kàn mú un ní 600. Yàrá kan jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 13, nítorí náà ẹrù orí rẹ̀ jẹ́ kílò 7,800. Bí ògiri mẹ́rin bá pín in dọ́gba, ìkọ̀ọ̀kan gba kílò 1,950. Ṣùgbọ́n ògiri àárín ń gba ti yàrá òsì, ó tún ń gba ti yàrá ọ̀tún, èyí tó di 3,900. Bí ògiri bulọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án míì bá tún wà lókè tó dúró gbọn-in lé orí rẹ̀, tí wọ́n ti rẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 2,900.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 6,800. Báàgì sìmẹ́ńtì 136 nìyẹn, tí wọ́n tò lé orí ògiri tí wọ́n ní kò gbé nǹkan kan. Ilé alájà kan ṣoṣo lèyí o, kò tíì kan ẹrù òrùlé. Bí ó bá jẹ́ alájà méjì, ẹ fi ẹrù àjà kejì kún un.

Ìbéèrè tí èèyàn sábà máa ń bi ẹnjiníà nìyí: bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ilé lágbájá kò wó lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ògiri rẹ̀? Ó ní ìdí. Ògiri òkè máa ń fara ṣe bíi afárá fún ìgbà díẹ̀, tí bulọ́ọ̀kù rẹ̀ ń ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin inú dẹ́ẹ̀kì náà máa ń na ara rẹ̀ dé ibi tó lè dé. Ṣùgbọ́n dẹ́ẹ̀kì tó ń na mítà 3.6 tẹ́lẹ̀ ti di èyí tó ń na mítà 7.2 báyìí. Bí ìnà dẹ́ẹ̀kì bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ wọ́lẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó wá burú jù ni pé ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ni àwọn abẹ́rin ti sábà máa ń so orí irin ìsàlẹ̀ pọ̀ tàbí kí wọ́n gé e, torí wọ́n mọ̀ pé ògiri ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Nísinsìnyí tí ògiri ti lọ, ibẹ̀ ló wá di àárín, níbi tí irin ìsàlẹ̀ ti yẹ kó pọ̀ jù. Ilé náà ń dúró lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣírò. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó lè dúró fún ọdún mẹ́ta, títí ayálégbé òkè yóò fi gbé táǹkì omi sí bákónì.

Òpó tó wà nínú ilé lè tan èèyàn jẹ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ní ìlú wa ni pé ilé púpọ̀ kì í ṣe ọ̀kan pàtó nínú méjèèjì. Bíríkìlà á to bulọ́ọ̀kù kọ́kọ́, á fi àlàfo sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ àti ní ibi tí ògiri bá ti pàdé ara wọn. Wọ́n á to irin mẹ́rin sínú àlàfo náà, wọ́n á fi pákó dí iwájú àti ẹ̀yìn, wọ́n á da kọnkéré sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tú pákó, òpó ti wà. Onílé á ní ilé òun ní òpó mẹ́sàn-án.

Ó ní òpó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri ti wà ṣáájú òpó, dẹ́ẹ̀kì sì jókòó lórí méjèèjì. Irú òpó yìí ń so ògiri pọ̀ kó má baà ṣí sílẹ̀. Àwọn bíríkìlà tó ti Kùtọnù àti Lomé wá mọ iṣẹ́ náà dáadáa, wọ́n ń pè é ní ṣẹnáàjì bí àwọn tó ń sọ Faransé ṣe ń pè é. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àní sẹ́, ilé tí wọ́n fi ṣẹnáàjì dì yí ká lágbára ju èyí tó jẹ́ bulọ́ọ̀kù nìkan. Ohun tó burú ni kí ẹnì kan rí òpó náà kó wá ní ògiri ti dòmìnira. Púpọ̀ nínú irú òpó bẹ́ẹ̀ kò ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ gbọọrọ ògiri ni irin wọn ti bẹ̀rẹ̀. Òmíràn kò tilẹ̀ dé ibẹ̀, orí ilẹ̀ kọnkéré ilé ló dúró lé.

Nítorí èyí, ohun tó yẹ kó jẹ́ ìlànà ní ilé alájà tí kò bá ti sí ìwé ẹnjiníà ni pé kí wọ́n ka gbogbo ògiri ìsàlẹ̀ sí agbérù, títí ẹ̀rí yóò fi fihàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wó ògiri ni kó mú ẹ̀rí wá. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ìdàkejì là ń rí: ẹni tó ní kí wọ́n dúró ni wọ́n ń ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀.

Bí èèyàn ṣe lè mọ èyí tí ilé òun jẹ́

Ìwé ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwòrán ayàwòrán ilé nìkan kò tó, nítorí yàrá àti ilẹ̀kùn ló ń fi hàn. Àwòrán ẹnjiníà ló ń fi ibi tí òpó wà, ìwọ̀n bíìmù àti iye irin hàn. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá wà, kí wọ́n fi wé ilé gan-an, torí kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé ni gbogbo bíríkìlà ń kọ́.

Bí kò bá sí ìwé, kí èèyàn gba òkè lọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú tépù. Kó wọn ibi tí ògiri òkè kọ̀ọ̀kan wà sí ògiri ìta, kó wá wọn ti ìsàlẹ̀. Bí gbogbo ògiri òkè bá dúró gbọn-in lórí ògiri ìsàlẹ̀, tí kò sì sí yàrá kankan tó fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà mẹ́rin lọ, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ògiri ló gbé ilé. Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ gbalasa tí òpó dá dúró láàárín rẹ̀, tí yàrá wá pọ̀ lókè, a jẹ́ pé òpó àti bíìmù ń ṣiṣẹ́, ó kéré tán ní apá ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó gbójú sókè. Bíìmù gidi máa ń yọ sísàlẹ̀ dẹ́ẹ̀kì. Bíìmù tó jin ní sẹ̀ǹtímítà 45 lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì onísẹ̀ǹtímítà 15 yóò yọ ní 30, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà kan. Lórí ògiri, ó lè má hàn, nítorí bíìmù ìnípọn ínṣì mẹ́sàn-án àti ògiri ínṣì mẹ́sàn-án á dọ́gba lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ. Ibi tó ti máa ń tú ara rẹ̀ fó ni ojú ọ̀nà, níbi tí ògiri ti pín: ṣé bíìmù náà ré kọjá lókè láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àbí líńtẹ̀lì kékeré ló wà níbẹ̀ tí bulọ́ọ̀kù sì tún wà láàárín rẹ̀ àti dẹ́ẹ̀kì? Bí bulọ́ọ̀kù bá wà láàárín líńtẹ̀lì àti dẹ́ẹ̀kì, tí bulọ́ọ̀kù náà sì kan dẹ́ẹ̀kì láìsí bíìmù, ògiri ni dẹ́ẹ̀kì ń jókòó lé.

Kíkàn-án wúlò bí èèyàn bá mọ ohun tó ń wá. Kó fi òòlù kékeré gbá ògiri láti kọ̀rọ̀ kan dé èkejì, ní ìwọ̀n àyà. Ibi tó jẹ́ bulọ́ọ̀kù á dún gbùngbùn, ibi tó jẹ́ kọnkéré á dún gan-gan, ìṣó kò sì ní í tètè wọ ibẹ̀. Èyí á sọ ibi tí òpó wà. Kò ní í sọ bóyá òpó náà ló gbé ilé, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni parí ìwádìí rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀rí tó dájú jù wà lábẹ́ ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri. Kí wọ́n fi ṣísẹ́lì ṣí ojú rẹ̀ díẹ̀, tó tó ìwọ̀n ìwé ìléwọ́, ní ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni òkè pátápátá, níbi tí ògiri ti pàdé dẹ́ẹ̀kì tàbí bíìmù. Bí ògiri bá jẹ́ àlejò, ìlà bulọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn kì í bá àyè tó ṣẹ́kù mu rárá. Bíríkìlà á ti fi ègé bulọ́ọ̀kù, òkúta àti sìmẹ́ńtì há àlàfo náà, nígbà míì ẹ ó tilẹ̀ rí ibi tí kò kún. Abẹ́ bíìmù tó wà lókè rẹ̀ á sì tẹ́jú, pẹ̀lú àpá pákó lára rẹ̀. Bí ògiri bá ti wà kí wọ́n tó da dẹ́ẹ̀kì, kọnkéré á ti ṣàn wọ inú ihò bulọ́ọ̀kù, á ti lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, kò ní sí àpá pákó láàárín wọn.

Ibi kejì ni ẹ̀gbẹ́ òpó, níbi tí bulọ́ọ̀kù ti pàdé rẹ̀. Bí òpó bá ti gbẹ kí bulọ́ọ̀kù tó dé, ìlà tó wà láàárín wọn á gún régé bíi pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Bí wọ́n bá ti da òpó sáàárín bulọ́ọ̀kù, kọnkéré á ti wọ inú orí bulọ́ọ̀kù, ìlà náà á rí wágunwàgun bí eyín ayùn. Ihò méjì péré lèyí, ìrẹ́ ọ̀sán kan ló máa dí wọn padà, síbẹ̀ wọ́n sọ ju ohun tí ìkúùkù ẹgbẹ̀rún lè sọ.

Bí àwọn méjèèjì bá ta kora, tí òkè ń sọ pé ògiri jẹ́ àlejò ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbẹ́ òpó ń sọ ohun míì, ilẹ̀ ni wọ́n máa bi. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òpó kan níta títí dé ìpìlẹ̀. Òpó tó gbé ilé á ní ẹsẹ̀ kọnkéré onígun mẹ́rin tó gbòòrò ju ìpìlẹ̀ ògiri lọ dáadáa, tó sábà máa ń tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé alájà. Bí ohun tí wọ́n rí bá jẹ́ kọnkéré gbọọrọ tó ń bá ògiri lọ, tí òpó kò sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Sísán ara ògiri náà máa ń sọ̀rọ̀. Ìlà tín-ínrín tó lọ tààrà lókè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, tàbí tó lọ gbọọrọ lábẹ́ bíìmù, sábà máa ń jẹ́ àmì pé ògiri àlejò ló wà níbẹ̀, pé kọnkéré àti bulọ́ọ̀kù kò jọ ń wú kí wọ́n jọ ń sún. Ó ń bí onílé nínú nígbà tó bá kun ilé tán, ṣùgbọ́n kò léwu. Èyí tó ń gòkè bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé, tó ń gba àárín bulọ́ọ̀kù, ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ni tirẹ̀, ó sì burú jù bí ó bá jẹ́ ògiri tó gbé ilé.

Ní ti ilé ilẹ̀ tí kò ní dẹ́ẹ̀kì, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ni ògiri gbé, àmọ́ òrùlé nìkan ni ẹrù wọn. Kí èèyàn gun inú àjà kó fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí igi òrùlé ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Káfíńtà máa ń gbé igi ìdúró lé orí ògiri inú ilé. Ògiri tí kò sí igi kankan lórí rẹ̀ kò gbé òrùlé. Ìwọ̀n bulọ́ọ̀kù kò ní í sọ èyí fún yín: ògiri ínṣì mẹ́fà wà káàkiri tó ń gbé òrùlé, tó tilẹ̀ ń gbé dẹ́ẹ̀kì, nítorí pé owó onílé kò tó ra ínṣì mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá sì ń gbèrò láti da dẹ́ẹ̀kì lé ilé ilẹ̀ lórí, ẹrù òrùlé ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣírò, bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣírò rẹ̀.

Ilé olópòó náà ní èèwọ̀ tirẹ̀

Bí ẹ̀rí bá fihàn pé òpó ló gbé ilé, ọ̀pọ̀ ògiri inú rẹ̀ ṣeé yọ lóòótọ́, àǹfààní tí wọ́n torí rẹ̀ ra irin nìyẹn. Ṣùgbọ́n ogiri tó yí àtẹ̀gùn ká, tàbí èyí tó jẹ́ kọnkéré láti ìsàlẹ̀ dókè, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ kàn, torí àwọn ló ń di ilé mú kó má mì. Bẹ́ẹ̀ ni ogiri òkè kan lè wà tó jẹ́ pé orí ogiri ìsàlẹ̀ tí ẹ fẹ́ yọ ló dúró lé, láìsí bíìmù láàárín wọn.

Ohun tó tún ń ba ilé olópòó jẹ́ ni àwọn tó ń ṣe páìpù àti iná. Wọn kò wó ògiri o, wọ́n kàn ń gbẹ́ ojú òpó láti fi páìpù wọ inú rẹ̀. Òpó ínṣì mẹ́sàn-án tí wọ́n bá gbẹ́ ní ínṣì méjì ti pàdánù ju ìdá márùn-ún rẹ̀ kan lọ, irin rẹ̀ sì ti ṣí síta fún ìpẹtà. Ní ilé tí ògiri gbé, irú ihò bẹ́ẹ̀ lára bulọ́ọ̀kù kan lè má ṣe nǹkan púpọ̀. Ní ilé olópòó, òpó kan lè máa gbé ẹrù yàrá mẹ́rin.

Bí ògiri agbérù bá gbọ́dọ̀ kúrò

Ó ṣeé ṣe. Ìwé ẹnjiníà ló máa ń ṣáájú, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ògiri, bíìmù kọnkéré tàbí ti irin, ó ní láti gbé kílò 6,800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì gbé e lọ sí orí òpó méjì tó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ nínú ilẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á fi bíìmù gidi jókòó lórí orí ògiri méjì tó ṣẹ́kù, láìro pé ẹrù tó tàn ká mítà 3.6 tẹ́lẹ̀ ti wá kóra jọ sórí bulọ́ọ̀kù kan ní ọ̀tún, kan ní òsì.

Kí òòlù kankan tó kan ògiri, wọ́n ní láti ti dẹ́ẹ̀kì mú láti ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọparun tí wọ́n gbé ka ilẹ̀ lásán á rì. Pákó tó gbòòrò ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀, bákan náà lókè. Bí bíìmù tuntun bá jẹ́ kọnkéré, kò sí bí wọ́n ṣe lè da á kó kún dé abẹ́ dẹ́ẹ̀kì pátápátá. Àlàfo díẹ̀ á ṣẹ́kù, sìmẹ́ńtì àti yanrìn tí omi rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n fi ń há a títí tí yóò fi le gbọn-ingbọn-in. Bí wọ́n bá fo èyí, dẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kó tó kan bíìmù tí wọ́n ra fún un. Ìtìlẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ kúrò títí kọnkéré yóò fi gba agbára, ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà sì sábà máa ń kà.

Gbogbo èyí ń náni lówó, ó sì lè gba oṣù méjì tí onílé kò ní í gba kọ́bọ̀ lórí ṣọ́ọ̀bù. Ìdí tí wọ́n fi ń sá fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé lókè kò sí níbi tí wọ́n ti ń ná owó náà, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Nítorí náà, bí ayálégbé òkè bá gbọ́ òòlù lábẹ́ yàrá rẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí iṣẹ́ náà bá ti kọjá lọ kó tó mọ̀, kó máa ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: èyí tó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ tó wá ń há nísàlẹ̀ tàbí lókè, táìsì tó ń ta sókè ní ìlà kan gbọọrọ láàárín yàrá, omi tó dà sílẹ̀ tó ń ṣàn lọ sí àárín ilé, tàbí sísán tó ń tẹ̀ bí ọrun lára ògiri òkè. Kó fi pẹ́ńsù sàmì sí orí sísán náà pẹ̀lú ọjọ́ tó rí i. Bí ó bá fi kọjá àmì náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n gbé ìtìlẹ́yìn sí abẹ́ dẹ́ẹ̀kì lọ́jọ́ náà gan-an, kí gbogbo ará ilé sì bọ́ síta títí ẹnjiníà yóò fi dé. L'Ékòó, àjọ LASBCA tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ni wọ́n máa fi tó létí; ní ìlú míì, ọ́fíìsì ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ ni.